Orí sukúrù M6 ń yọ lójú irin: ìbú àti jíjìn káńtásíńkì, láti ibo la ti ń wọ̀n ọ́n?

Dèjì_Irin

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù kan tó nípọn 8 mílímítà. Sukúrù M6 olórí pẹrẹsẹ mẹ́rin ni yóò dè é mọ́ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, oríṣi tí a ń fi álẹ́ǹkíì dè. ISO 10642 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ìbòrí kan yóò máa rìn gba orí pẹlẹbẹ yìí kọjá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni iṣẹ́ fi ní kí orí sukúrù wọlẹ̀, ó kéré tán, 1 mílímítà sí ojú pẹlẹbẹ. Kò fẹ́ kó kàn bá a dọ́gba lásán.

Mo fi kálípà wọn orí sukúrù, ó fún mi ní 11.8. Mo mú àjákù irin kan láti fi dánwò, mo lu ihò 6.6 já lára rẹ̀, mo sì fi káńtásíńkì oní-90 dígíríì ṣí ẹnu ihò náà títí ó fi di 12. Mo rò pé orí yóò kọ́kọ́ bá ojú irin dọ́gba, kí n tó wá ro ti 1 mílímítà yẹn. Kàkà kó wọlé, ńṣe ló yọ gọnbu, tí mo bá fi ìka rá a, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́. Mo wọ̀n ọ́n, ó yọ ní 0.5.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ. Ìbú wo ni kí n ṣí ẹnu ihò sí? Jíjìn wo ni kí n sì kọ sínú ẹ̀rọ, ṣé láti ojú irin la ti ń wọ̀n ọ́n ni àbí láti ibòmíràn?

Kálípà

Èyí kò le rárá. Èmi kì í wo tébù kankan. Mo máa ń wọn orí, mo máa ń fi ìdajì mílímítà lé e, ó tán. Nínú tìrẹ, 11.8 di 12.3. Tó bá ti jẹ́ 90 dígíríì, jíjìn rẹ̀ kò fẹ́ ìṣirò gidi: yọ ìbú ihò kúrò nínú ìbú ẹnu, kí o pín ìyókù sí méjì. 12.3, yọ 6.6 kúrò, ó ku 5.7, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2.85. Kọ 2.85 sínú ẹ̀rọ, kí o fi 1 lé e torí pé o fẹ́ kó wọlẹ̀, ó di 3.85. Máa bá iṣẹ́ lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbìyànjú láti dè é le dáadáa? Nídìí iṣẹ́ tèmi, tí orí bá ṣẹ́kù díẹ̀ lókè, mo máa ń fún un ní ìdè kan sí i ni, á sì fa ara rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà mo máa fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé sukúrù wà níbẹ̀.

Bàbá Léètì

Gbẹ́nàgbẹ́nà, igi ló ń gbà fún yín, igi a máa fún pọ̀. Alumíníọ̀mù kò ní gba orí sukúrù wọlé ní ìdajì mílímítà. Ihò álẹ́ǹkíì lórí sukúrù ló máa kọ́kọ́ di róbótó, wàá sì máa wá bí o ṣe máa tú u.

Dèjì, kálípà rẹ kò purọ́, ibi tí o gbé e sí ni kò bá ohun tí o ń wá mu. Mú sukúrù kan dání, kí o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ orí náà bó ṣe ń fẹ̀ bọ̀ lókè. Kò dé òkè pátápátá. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n ti gé etí rẹ̀, ó wá ní bèbè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró ṣánṣán. Bèbè yẹn ni ẹnu kálípà rẹ dì mú, òun ló jẹ́ 11.8. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bèbè ló ń jókòó sínú káńtásíńkì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń jókòó.

Nítorí náà, ìbú tí o nílò ni èyí tí orí ì bá ní ká ní wọn kò gé etí rẹ̀, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ tààrà títí ó fi dé ìpele òkè orí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìbú etí mímú. Fún M6 nínú ISO 10642, 13.44 ni ibi tó pọ̀ jù tó lè dé. Bèbè tí kálípà ń rí lè kéré tó 11.34, sukúrù náà ṣì dára. O rí i pé àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

O lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ. Orí M6 yìí ga tó 3.72, ìyẹn níbi tó bá ga jù. Igun 90 dígíríì túmọ̀ sí pé bí a bá ṣe gòkè 1 mílímítà, a ó fẹ̀ 1 mílímítà lápá ọ̀tún, 1 lápá òsì. Ara sukúrù jẹ́ 6. Fi 3.72 lé e lọ́nà méjì, o dé 13.44.

Wá wo ihò tí o ṣí sí 12. Ó kù 1.44 kó tó 13.44, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.72. Orí tó bá ga dé òpin ìwọ̀n rẹ̀ máa yọ ní 0.72 nínú ihò yẹn. Tìrẹ yọ ní 0.5 torí pé kì í ṣe gbogbo sukúrù ni wọ́n ń ṣe dé òpin. Kò sí ohun tó ṣe sukúrù rẹ, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ.

Bàbá Léètì

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ jíjìn. Kálípà, ìṣirò rẹ tọ̀nà, ohun tó ń wọ̀n ni kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè. Ìbú ẹnu, yọ ìbú ihò, ìdajì rẹ̀: ìyẹn ni jíjìn láti ojú irin dé ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pàdé ihò 6.6. Ayàwòrán lè fẹ́ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń béèrè ibi tí ṣóńṣó káńtásíńkì máa dé, ṣóńṣó yẹn sì ti wà nínú ihò tí kò kan nǹkankan, ó ti kọjá ibi ìpàdé yẹn lọ jìnnà.

Wo 2.85 tí o kọ́kọ́ dá. Tí a bá fi ṣóńṣó mímú kan ojú irin, tí a pe ibẹ̀ ní òdo, tí a wá rán an lọ sí 2.85, ìbú tó máa gé lójú irin jẹ́ 5.7. Ihò náà ti jẹ́ 6.6. Afẹ́fẹ́ ló máa gé! 3.85 náà ò ní ṣe ju kó ṣí ẹnu ihò sí 7.7 lọ, bí ẹni tó kàn fẹ́ pa etí ihò.

Fún 90 dígíríì, ibi tí ṣóńṣó máa dé láti ojú irin jẹ́ ìdajì ìbú ẹnu, ó parí. 13.44 fún ọ ní 6.72. Ìyẹn máa jẹ́ kí orí bá ojú irin dọ́gba.

Dèjì_Irin

Ẹ ṣeun bàbá. Ọ̀rọ̀ bèbè yẹn yé mi nígbà tí mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i kedere. Tí mo bá wá fẹ́ kó wọlẹ̀ 1 mílímítà, ṣé 13.44 náà ni mo máa ṣí, tí mo kàn máa fi 1 lé jíjìn? Nǹkan mìíràn tún wà: káńtásíńkì tèmi kò ní ṣóńṣó. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, mo wọ̀n ọ́n, 3.2 ni ìbú ibi tó tẹ́ náà. 16.5 ni ara rẹ̀ lókè.

Bàbá Léètì

O ò lè fi 1 lé jíjìn kí ìbú ẹnu dúró síbi tó wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà ni. Bó ṣe ń wọlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀ lókè. Fi 1 lé 6.72, ṣóńṣó dé 7.72, ìbú ẹnu lójú irin di 15.44. Ara káńtásíńkì rẹ jẹ́ 16.5, ó gbà á. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 15 kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, torí irinṣẹ́ náà máa tán kó tó dé etí.

Ní ti ibi tó tẹ́: ṣóńṣó tí kò sí yẹn ṣì wà nínú ìṣirò, nísàlẹ̀ ibi tí irinṣẹ́ rẹ parí sí. Ìdajì 3.2 jẹ́ 1.6, ibẹ̀ ni ì bá wà. O fi ibi tó tẹ́ kan ojú irin láti mú òdo, àbí? Yọ 1.6 kúrò nínú 7.72, ó ku 6.12. Ìyẹn ni ẹ̀rọ máa rí:

```
G82 X20. Y15. Z-6.12 R2. P300 F80
```

P300 yẹn jẹ́ kí irinṣẹ́ dúró díẹ̀ nísàlẹ̀ kó lè yí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dán kó tó jáde. Iyára tó bá irinṣẹ́ rẹ mu ni kí o fi dípò F80, èmi kò rí ẹ̀rọ rẹ.

Kí o tó gbẹ́ ẹ lára pẹlẹbẹ gidi, wo bó ṣe nípọn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà máa parí ní 4.42 láti ojú irin, ìyẹn ibi tó ti pàdé 6.6. Pẹlẹbẹ rẹ jẹ́ 8, nítorí náà ihò tó dúró ṣánṣán ṣì kù tó 3.58 nísàlẹ̀, ó tó. Ká ní pẹlẹbẹ tó nípọn 5 ni, 0.58 ló máa kù, etí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á máa tẹ̀ nígbà tí o bá ń dè é. Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Olùyàwòrán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ apá ibi tí àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Dèjì lè má fẹ́ ẹnu 15.44 lójú irin. Tí ihò bá sún mọ́ etí pẹlẹbẹ, tàbí tí ìbòrí tó ń rìn kọjá bá ní rọ́bà tó lè máa já sínú kòtò, ẹnu tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dára. Ká wá ní orí gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ 5, ẹnu á di 23.44, ó ti di abọ́. Níbẹ̀ la ti ń fi káńtábọ̀ kún un: kòtò tó dúró ṣánṣán lókè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ni káńtábọ̀ 14, jíjìn 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kòtò láti 14. Wọ́n á rò pé orí máa wọlẹ̀ 1 géérégé. Rárá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti 14 gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ 0.28 kó tó di 13.44, ibẹ̀ ni òkè orí máa wà. Nítorí náà orí máa wọlẹ̀ 1.28 sí ojú irin. Fún Dèjì kò burú, ó fẹ́ 1 sókè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ 1 gan-an, 0.72 ni jíjìn káńtábọ̀ 14 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ojú irin.

Ọ̀nà tí mo fi ń rántí ni pé mi ò kì í ti ibi káńtábọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbi tó yẹ: 13.44 gbọ́dọ̀ wà ní 1 sísàlẹ̀ ojú irin. Tí ìyẹn bá ti dúró, ṣóńṣó ti wà ní 7.72, ìparí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti wà ní 4.42, bóyá káńtábọ̀ wà o, bóyá kò sí. Káńtábọ̀ kàn ń pinnu bí ẹnu ṣe máa fẹ̀ tó lókè ni.

Ẹ sì wo àpótí tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí lójú kọ̀ǹpútà dáadáa. Nínú àwọn ètò ìyàwòrán kan, jíjìn káńtábọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú irin, ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kòtò. Tí àwòrán bá wá sọ pé jíjìn 3.42 láìsọ láti ibo, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lè wọ̀n ọ́n láti ojú irin, orí kò sì ní wọlẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Èmi máa ń kọ gbogbo jíjìn láti ojú irin, mo sì máa ń kọ ọ́ sára àwòrán bẹ́ẹ̀. Ojú irin nìkan ni ibi tí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ àti ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lè jọ fọwọ́ kàn.

Bàbá Léètì

Àǹtí wa, òótọ́ lẹ sọ. Mo fi ọ̀kan lé e fún ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Dèjì kò lè fi káńtásíńkì 16.5 rẹ̀ ṣe ti káńtábọ̀ 14. Tí ṣóńṣó bá dé 7.72, irinṣẹ́ yẹn máa gé 15.44 lójú irin, gbogbo káńtábọ̀ yẹn á lọ sínú rẹ̀, kò ní kù rárá. Irinṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò tó 14 ló lè wọ inú kòtò náà láìkan ògiri. Mo ní oní-12.4 kan, òun ni mo máa ń lò. Lóòótọ́ 12.4 kò dé 13.44, ṣùgbọ́n bèbè orí kò ju nǹkan bí 12 lọ, nítorí náà ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ orí ń jókòó gan-an kò ju ibẹ̀ lọ. Ohun tó yípadà ni pé káńtábọ̀ 14 gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dé 1.52 báyìí, kó lè pàdé ibi tí 12.4 ti bẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó ṣì wà ní 7.72.

Ọmọ_Ẹ́ńjìnì

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo tèmi náà. Mo ṣe gbogbo èyí tí bàbá sọ, orí sukúrù tèmi wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń tú. Mo dè é le, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbọ̀n díẹ̀, ó ti rọ̀. Sukúrù oní-ínṣì ni, 1/4, a yọ ọ́ lára ẹ́ńjìnì àtijọ́ kan. Káńtásíńkì oní-90 ni mo lò.

Oníwọ̀n

Ọmọ_Ẹ́ńjìnì, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ sí ti Dèjì. Ọ̀pọ̀ sukúrù olórí pẹrẹsẹ oní-ínṣì ní igun 82 dígíríì, kì í ṣe 90. Orí 82 nínú ihò 90 kàn ń fi ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ jókòó sí etí ihò ni, òkè rẹ̀ kò kan nǹkankan. Etí tín-ín-rín yẹn máa tẹ̀, ìdè á sì rọ̀. Fi ínkì máákà kun abẹ́ orí kan, dè é, tú u, kí o wò ó. Tí ó bá jẹ́ òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ nítòsí ọrùn nìkan ni ínkì ti ṣí, igun ló yàtọ̀. Tí ó bá ṣí káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wá ìdí ibòmíràn.

Tó bá jẹ́ 82 ni, má lo ìdajì ìbú fún jíjìn ṣóńṣó mọ́. Ìbú ẹnu lọ́nà 0.575 ni. Tí o bá sì fẹ́ kó wọlẹ̀ sí i, ẹnu máa fẹ̀ ní 1.74 fún mílímítà kọ̀ọ̀kan, dípò 2.

Dèjì, mo fẹ́ sọ bí o ṣe máa mọ̀ pé o dé ibi tó yẹ. Má fi kálípà wọn ẹnu káńtásíńkì. Etí rẹ̀ máa ń ní ìdọ̀tí irin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu kálípà sì máa ń yọ̀ sínú. Ìwọ àti ẹlòmíràn á wọn ihò kan náà, nọ́ńbà yín kò ní bára mu. Wá bọ́ọ̀lù bíárì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, kí o nù ún mọ́, kí o gbé e sínú kòtò náà. Ó máa jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wá fi wọ́njìn wọn bí òkè bọ́ọ̀lù ṣe ga sí ojú irin. Nínú igun 90, òkè bọ́ọ̀lù 12 máa ń wà ní 14.49 sókè ṣóńṣó. Ṣóńṣó tìrẹ wà ní 7.72 sísàlẹ̀ ojú irin, nítorí náà bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yọ ní 6.77. Tí o bá rí 6.87, o kù 0.1 kí o tó dé ibẹ̀. Tí o bá rí 6.67, o ti kọjá ní 0.1. Káńtábọ̀ 14 náà gbà á, torí bọ́ọ̀lù kò kan ògiri.

Kálípà

Ẹ má bínú, mo ṣì ní nǹkan kan láti sọ. Gbogbo yín ń lo 13.44. Sukúrù tó wà lọ́wọ́ Dèjì kì í ṣe 13.44. Ó yọ ní 0.5 nínú ẹnu 12, ìyẹn fi hàn pé etí mímú tirẹ̀ jẹ́ 13. Kí ló dé tí kò fi ní lo 13? Ẹnu á dín kù, irin á sì kù sí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé.

Olùyàwòrán

Ìṣirò yẹn dára gan-an, mo fẹ́ràn rẹ̀: ihò tí a mọ ìbú rẹ̀ ló fi wọn sukúrù. Ṣùgbọ́n páálí kan ni ìyẹn. Lọ́jọ́ tí sukúrù kan bá sọnù, tí wọ́n bá ra òmíràn, tí òun náà wà nínú ìwọ̀n, orí rẹ̀ lè yọ sókè ju tòní lọ ní 0.22. Lábẹ́ ìbòrí tó ń rìn kọjá, ìyẹn lè tó láti fa ojú rẹ̀ ya.

Tó bá sì jẹ́ sukúrù tó ń lo síkírúdíráfà olórí àgbélébùú ni wọ́n rà, ISO 7046, M6 náà ni wọ́n máa pè é, ṣùgbọ́n etí mímú tirẹ̀ kò ju 12.6 lọ. Òun á wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní 0.42. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ irú sukúrù sára àwòrán, M6 nìkan kò tó.

Kálípà

Èmi ṣì máa lo 13. Ẹ̀rọ ẹyọ kan ni, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, mo gbà pé ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀.

Dèjì_Irin

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti gbẹ́ ẹ. Mo lo 15.44 láìsí káńtábọ̀, torí ihò mi jìnnà sí etí, ìbòrí náà kò sì ní rọ́bà. Z-6.12 ni mo kọ. Bọ́ọ̀lù 12 yọ ní 6.70 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni pé mo fi 0.07 kọjá, bóyá níbi tí mo ti fi irinṣẹ́ kan ojú irin láti mú òdo. Mo dè wọ́n. Orí mẹ́ta wọlẹ̀ 1.3. Ẹ̀kẹrin wọlẹ̀ 1.05 péré. Ihò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, bọ́ọ̀lù sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi sukúrù mìíràn pààrọ̀ tirẹ̀, 1.05 náà ló wà.

Oníwọ̀n

Mẹ́ta yẹn bá ìṣirò mu. Kálípà ní etí mímú sukúrù rẹ jẹ́ 13, ìyẹn máa fi 0.22 wọlẹ̀ ju 13.44 lọ, fi 0.07 lé e, ó di 1.29.

Bàbá Léètì

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjìn mọ́. Tú gbogbo wọn. Kọ́kọ́ dè ẹ̀kẹrin nìkan, kí o wọ̀n ọ́n. Tó bá dé 1.3, tí òmíràn wá yọ nígbà tí o dè é tẹ̀lé e, àárín ihò inú pẹlẹbẹ àti àárín ihò oníyín tó wà nísàlẹ̀ kò bára mu. Olórí pẹrẹsẹ kò ní àforíjì. Olórí róbótó máa ń sún lọ sún bọ̀ nínú ihò 6.6, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń fẹ́ fa sukúrù wá sí àárín tirẹ̀. Tí ihò ìsàlẹ̀ bá kọ̀, orí á gun ẹ̀gbẹ́ kan. Ní igun 90, bí àárín bá ṣe yàtọ̀ sí ni orí máa yọ sí: 0.25 ni orí fi yọ ju àwọn yòókù lọ, 0.25 náà ni àárín méjèèjì fi yàtọ̀.

Dèjì_Irin

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dè ẹ̀kẹrin, ó dé 1.3, èkejì rẹ̀ ní igun òdìkejì ló wá yọ. Mo fi ínkì sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti ṣí. Ṣé kí n fẹ ihò 6.6 yẹn sí 7?

Bàbá Léètì

Fífẹ ihò kò ní ṣe nǹkan fún ọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni sukúrù ń gùn, kì í ṣe ihò. Àtúnṣe gidi ni kí o dí ihò oníyín ìsàlẹ̀, kí o tún un lu síbi tó yẹ.

Kálípà

Kí ló fẹ́ tún un lu fún? Wọ́n ní ó kéré tán 1, ó ti wọlẹ̀ 1.05. Ó kọjá. Ìbòrí kò ní kàn án.

Oníwọ̀n

Jíjìn rẹ̀ kọjá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n sukúrù tó fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ti ń tẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa kọ́kọ́ rọ̀. Dèjì, kí ni pẹlẹbẹ náà ń gbé? Tó bá jẹ́ ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, mo lè fojú fò ó. Tí nǹkan bá ń fà á tàbí tó ń gbọ̀n ọ́n, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Dèjì_Irin

Mọ́tò kékeré kan ló ń fa ìbòrí náà, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀. Mo máa bá ẹni tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́la, kí n tó fọwọ́ kan ihò ìsàlẹ̀ yẹn.